Ṣíbí ìrẹsì tó ń jẹ owó ìyá olóúnjẹ n'Ìsọlọ̀: Ọmọ tó ń fọ abọ́ ń gbowó ju ọ̀gá ẹ̀ lọ!

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù báyìí lágbègbè àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà n'Ìsọlọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wàhálà ti ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa rọ́ jáde lẹ́nu géètì, tọkùnrin tobìnrin, oníkálukú á sì dorí kọ ibi tí oúnjẹ ti ń rùn sí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni ọ̀pọ̀ wọn ní láti jẹun. Ẹni tó bá pẹ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa bá.

Ìyá olóúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ gan-an. Ọbẹ̀ màmá yìí dùn, ọwọ́ ẹ̀ sì yá. Bẹ́ ẹ bá rí bí owó ṣe ń wọ inú báńtẹ́ tó so mọ́dìí lọ́sàn-án, ẹ óò ní kò sóhun tí obìnrin náà ń wá láyé mọ́. Ṣùgbọ́n bí àpò ìrẹsì bá ti tán nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ojú màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti yá owó gbómú-lé-láńtà láti fi ra ìrẹsì tó tán, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì tó tán náà, gbogbo ẹ̀ ló tà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní sítóò iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá, òun ló ń kọ ohun tó wọlé àtohun tó jáde sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí màmá fi ń pè é ní Sítóò. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí èrò púpọ̀, ọkùnrin náà bi í léèrè pé, "Màmá, ẹ má bínú o, èló lẹ ń jẹ lórí ṣíbí ìrẹsì kan?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sítóò, ọmọ mi, ta ló ń ka irú ìyẹn? Mo ń ta ṣíbí kan ní 200 náírà. Bí mo bá ra ìrẹsì, tí mo ra ata, tí owó ṣì kù lọ́wọ́ mi, èrè nìyẹn."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó kù lọ́wọ́ kì í ṣe èrè o. Owó òróró tó máa tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wà nínú ẹ̀. Owó gáàsì tó máa tán lọ́tùn-únla wà nínú ẹ̀. Màmá kì í ra gbogbo nǹkan lọ́jọ́ kan náà. Ìrẹsì ń tán lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, òróró lọ́jọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, gáàsì lọ́jọ́ márùn-ún-márùn-ún. Lọ́jọ́ tí kò bá sí èyí tó tán nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣe ni owó máa ń kún ọwọ́ ẹ̀, a sì máa dá àjọ, a fún àwọn ọmọ lówó. Lọ́jọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá tán pọ̀, ilé olówó èlé ló ń gbà lọ.

Sítóò ní kí àwọn jókòó ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é níléeṣẹ́ àwọn. Ó mú ìwé kékeré kan àti kàkúlétọ̀. Kí ẹ tóó ka iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ rántí pé iye tí màmá ra ọjà lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣírò náà ni; tẹni tó bá ra tiẹ̀ lọ́jà mìíràn tàbí lóṣù mìíràn lè yàtọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà la ń sọ.

Ìrẹsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọjà Dáléko, tí gbogbo ará Ìsọlọ̀ àti Mushin mọ̀ mọ ìrẹsì, ni màmá ti ń ra tiẹ̀. Àpò oníkílò 50 jẹ́ 75,000 náírà. Màmá ti fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ni Sítóò bá bi í pé ta ló gbé e wálé. Alábàárù gba 500, ọkọ̀ gba 1,500. Ó di 77,000. Owó tí ọjà fi délé ni iye ọjà, kì í ṣe iye tí wọ́n dá lé e lórí igbá.

Wàhálà kékeré kan tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ta ìrẹsì sọ fún màmá pé kóńgò 34 ló wà nínú àpò náà. Nígbà tí màmá fi kóńgò tirẹ̀ wọ̀n ọ́n nílé, 32 ló bá. Kò sẹ́ni tó jí ìrẹsì o. Kóńgò tí wọ́n fọwọ́ gé lórí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jẹ́ kó yọrí, màmá sì fẹ́ràn kó yọrí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣírò, kóńgò tó wà nínú ilé ìdáná yín gan-an, bí ọwọ́ yín ṣe máa ń wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, ni kí ẹ fi ka àpò kan látòkè délẹ̀. Màmá ń se kóńgò 8 lójúmọ́, ìdá mẹ́rin àpò nìyẹn, kílò 12 ààbọ̀. Ẹ pín 77,000 sọ́nà mẹ́rin, 19,250 náírà ni ìrẹsì ọjọ́ kan.

Ọbẹ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ojú màmá ti kọ́kọ́ là. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí Máìlì 12 fún tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Èyí tó rà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà jẹ́ 36,000, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ jẹ́ 3,000, àpapọ̀ ẹ̀ 39,000. Kílò 30 ni gbogbo ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n iléeṣẹ́. Lójú màmá, 1,300 ni kílò kan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣa èyí tó ti jẹrà ní ìdí apẹ̀rẹ̀ kúrò, tí wọ́n já ìdí tàtàṣé, tí wọ́n bó àlùbọ́sà, kílò 24 ló kù tó lè wọ ẹ̀rọ ìlọta. Kílò 6 lọ sórí ààtàn. Ẹni tó ta tòmátì kò dá owó kílò 6 yẹn padà, nítorí náà kílò 24 tó kù ló máa ru ẹrù gbogbo 39,000. Kílò kan ata tó wọnú ìkòkò wá di 1,625. Màmá ń lo kílò 8 lójúmọ́, ìyẹn 13,000.

Òróró kò le. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 jẹ́ 75,000. Sítóò ní kí màmá fi bírò kọ ọjọ́ tó ṣí i sára kẹ́ẹ̀gì náà, kó sì tún kọ ọjọ́ tó tán. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Òróró ọjọ́ kan jẹ́ 7,500 nìyẹn, ẹnì kankan kò sì wọn ìgò kan lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí dára fún gbogbo nǹkan tí èèyàn kì í lè wọ̀n, bí iyọ̀, kọ́rì, táìmù àti magí. Ti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà jẹ́ 9,000, 1,500 lójúmọ́.

Ẹ ro ó pọ̀: ata 13,000, òróró 7,500, èròjà 1,500, ọbẹ̀ jẹ́ 22,000. Ẹ fi ìrẹsì 19,250 lé e, ó di 41,250 náírà.

Màmá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣíbí mélòó ló wà nínú ìkòkò mi? Òun ni kí a fi pín in." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò mọ iye ṣíbí náà. Láti ọdún tó ti ń tà, kò kà á rí! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kó tó di pé èrò dé, wọ́n bu ìrẹsì náà láti inú ìkòkò kan sí èkejì, ṣíbí kọ̀ọ̀kan bí màmá ṣe máa ń bù ú fún oníbàárà. Ìrẹsì gbígbẹ kílò 12 ààbọ̀ ti mu omi, ó ti lé ní kílò 32, ó sì jẹ́ ṣíbí 240. Nígbà tí màmá pín 41,250 sọ́nà 240, 172 náírà ló bá. Inú ẹ̀ dùn. "Ṣé o ti rí i? Èmi ń jẹ 28 náírà lórí ṣíbí kọ̀ọ̀kan."

Sítóò ní kó má tíì jó. Ó ní kí ọmọ tó ń fọ abọ́ máa fa ilà kan sínú ìwé fún gbogbo ṣíbí tí wọ́n bá gbowó ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìkòkò gbẹ, ilà 220 ló wà nínú ìwé. Níbo ni 20 lọ? Díẹ̀ jó mọ́ ìdí ìkòkò. Díẹ̀ jẹ́ èènì tí màmá ń fi sí i fún àwọn tó ń pè é ní "màmá mi dáadáa". Ọmọ tó ń fọ abọ́ jẹ tirẹ̀, màmá náà jẹ tirẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sanwó ẹ̀. Ṣíbí 220 tí owó wọlé fún ló gbọ́dọ̀ gbé ìnáwó 240. Wọ́n tún un pín, ó di 187 náírà àtààbọ̀. Èrè 28 ti di 12 àtààbọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí ìrẹsì kì í fi oòrùn jinná. Sílíńdà gáàsì oníkílò 12 ààbọ̀ jẹ́ 15,000, ọjọ́ márùn-ún ló ń lò, 3,000 lójúmọ́. Omi tí àwọn mẹ́ruwà ń pọn wá jẹ́ 1,000. Ọmọ tó ń fọ abọ́ ń gba 3,500. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà, bí wọ́n ti fi ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù pín in, jẹ́ bíi 1,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 8,500. Ẹ fi lé 41,250, ó di 49,750. Ẹ pín in sọ́nà 220, ṣíbí kan ń ná màmá ní 226 náírà.

Ẹni tó ń ta ohun tó rà ní 226 ní 200! Gbogbo ṣíbí tó ń bù sí abọ́ oníbàárà, náírà 26 tirẹ̀ ló ń fi tẹ̀ lé e. Lójúmọ́, 5,750 náírà ló ń fò lọ. Ìkòkò tó tà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn, bó bá ṣe ń tà tó ló ṣe ń jẹ́ gbèsè tó.

Ẹ ó máa bi ara yín pé báwo ni màmá ò ṣe tíì wọko gbèsè pátápátá. Ẹran ló ń gbà á. Ó ń ra kílò 7 ní 42,000, ó ń gé e sí ègé 105, márùn-ún á fọ́ sínú ọbẹ̀ tàbí kí àwọn ará ilé jẹ ẹ́, 100 lówó ń wọlé fún. 420 náírà ni ọ̀kan ń ná an, 500 ló ń tà á. 8,000 ni èrè ẹran. Ẹran ń jò bí wọ́n bá bọ̀ ọ́, ìdá mẹ́ta ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sínú omi, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń fi kílò ẹran tútù ṣírò ohun tó máa wà nínú abọ́ fi ń tan ara ẹ̀. Ègé ni kó kà.

Ẹ yọ 5,750 tí ìrẹsì ń jẹ kúrò nínú 8,000 tí ẹran ń mú wá. 2,250 náírà ló kù fún màmá lójúmọ́, òun tó ń jí laago mẹ́rin ìdájí. Ọmọ tó ń fọ abọ́ fún un ń mú 3,500 lọ sílé. Nígbà tí Sítóò fi bírò fa ilà sábẹ́ iye méjèèjì yẹn, màmá ò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó wá sọ ni pé, "Àṣé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ fún un."

Ó yẹ ká sọ ọ́ níbí pé kì í ṣe màmá yìí nìkan ni nǹkan dojú rú mọ́ lọ́wọ́. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, iye ọjà kò dúró síbì kan. Iléeṣẹ́ SBM Intelligence, tó máa ń ṣírò iye tí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún máa ná kí wọ́n tó lè se ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan, sọ pé 16,955 náírà ni lóṣù Kẹta, ọdún 2024. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún náà, ó ti di 20,274. Oṣù mẹ́ta péré! Ìyẹn, ohun èlò inú ìkòkò nìkan ni. Kò sí owó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kò sí ti ọmọ tó ń fọ abọ́. Ẹni tó bá gbé iye sórí ìrẹsì lóṣù Kẹta tí kò tún un wò títí di oṣù Kẹfà ti ń ṣe sàráà láìmọ̀.

Kí ni màmá máa wá ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun máa ra ṣíbí tó kéré. Wọ́n ṣírò ìyẹn náà. Bí ìkòkò kan náà bá di ṣíbí 280, tí 20 ṣì sọnù, 260 ló máa tà, ìnáwó ṣíbí kan á sì já sí 191. Lórí ìwé, ó dùn mọ́ni. Àmọ́ àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ màmá, òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ni wọ́n. Ẹni tó máa ń jẹ ṣíbí mẹ́ta tó sì ń yó, lọ́jọ́ kejì ni yóò ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, kò sì ní bá màmá jà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà lọ. Kí èèyàn gbówó lérí lójú gbogbo ayé sàn ju kó máa fọgbọ́n bu ṣíbí lọ.

Wọ́n wo 250. Bí èrò kò bá dín, 55,000 ló máa wọlé lórí ìrẹsì, èrè ẹ̀ á jẹ́ 5,250. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni owó oṣù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 70,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lóṣù Keje, ọdún 2024. Ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta tó ti ń jẹ́ 600, tó bá fò di 750 lẹ́ẹ̀kan náà, á dà bíi pé wọ́n gbá wọn létí. Wọn ò sì lè sọ pé ṣíbí kan jẹ́ 230, torí ṣéńjì. Ta ló fẹ́ máa wá 20 náírà kiri láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?

Ibi tí wọ́n wá fàbọ̀ sí ni pé ṣíbí kan á di 250, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra mẹ́ta á san 700. Nítorí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, bíi 233 ni ṣíbí kan máa jẹ́. Abọ́ 73 ní 700 jẹ́ 51,100, ṣíbí kan tó kù jẹ́ 250, àpapọ̀ 51,350. Ẹ yọ 49,750 kúrò, 1,600 ni èrè ìrẹsì, kò pọ̀, àmọ́ kò já wálẹ̀ sísàlẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú 8,000 orí ẹran, 9,600 ni ti màmá lójúmọ́. Bí wọ́n bá tún lè dín ṣíbí 20 tó ń sọnù kù sí 10, kí iná má máa pọ̀ jù nídìí ìkòkò, kí èènì sì mọ níwọ̀n, bíi 2,300 ló tún máa wọlé lórí ìyẹn.

Ohun tó ya màmá lẹ́nu jù lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti tòmátì. Gbogbo olóúnjẹ ló máa ń pariwo pé ìrẹsì ti wọ́n. Sítóò ní kí wọ́n wò ó bóyá òótọ́ ni. Bí àpò ìrẹsì bá fi 8,000 wọ́n sí i, 2,000 ló bọ́ sórí ọjọ́ kan, ẹ pín in sọ́nà 220, 9 náírà ló fi lé ṣíbí kan. Ṣùgbọ́n bí ata àti tòmátì bá di ìlọ́po méjì, 13,000 ló máa gun orí ọjọ́ kan, 59 náírà lórí ṣíbí! Tòmátì sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ń lọ sí Máìlì 12 lọ́dún 2016 kò tíì gbàgbé ìgbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Túta jẹ oko tòmátì run lókè Ọya, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì lóṣù Karùn-ún. Nítorí náà, bí ìrẹsì bá wọ́n díẹ̀, màmá lè fara dà á títí oṣù á fi parí. Bó bá jẹ́ tòmátì, lọ́jọ́ náà gan-an ni kó yí ọbẹ̀ padà, kó dín tòmátì kù, kó fi tàtàṣé tàbí tòmátì inú agolo kún un, kó sì tún ìwé ṣí láti ṣírò ti ọbẹ̀ tuntun náà, nítorí ti àtijọ́ kò wúlò mọ́.

Ibì kan wà tí ìwé yìí kò lè ran màmá lọ́wọ́. 220 yẹn, ọjọ́ tí gbogbo iléeṣẹ́ ṣí ni. Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ kan bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù kan má wá, tó jẹ́ ṣíbí 150 ni màmá tà nínú ìkòkò tó ti sè, ìnáwó ṣíbí kan á fò lọ sí 332 náírà, kò sì sí iye tó lè gbé sórí ìrẹsì tó máa bo ìyẹn. Ohun tó wá ń ṣe báyìí ni pé kó tó da ìrẹsì sínú omi, á ti ránṣẹ́ sí àwọn gétìmáànù méjì-mẹ́ta láti bi wọ́n bóyá iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kò sí, kóńgò 5 ló máa sè.

Lọ́jọ́ Ajé tí màmá gbé iye tuntun síta, wọ́n kùn o. Ẹnì kan ní màmá ti di olówó. Àwọn méjì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú, ọ̀kan nínú wọn padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní ọbẹ̀ tibẹ̀ kò ní òróró. Sítóò náà wá jẹun, ó jókòó, ó na 600 náírà sí màmá gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Màmá wo owó náà, ó wo ojú ẹ̀. "Sítóò, ọmọ mi, ọgọ́rùn-ún kan ló kù o. Ìwọ lo ṣírò ẹ̀."